Ẹ Ka Búlọ́ọ̀kù Kí Ẹ Tó Ka Owó

"Ọ̀gá, èló ni mo máa fi kọ́ ilé oníyàrá méjì?" Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ tán máa ń kọ́kọ́ bi bíríkìlà. Ọ̀gá bíríkìlà á wo ilẹ̀ náà lọ, á wò ó bọ̀, á sì dá iye kan. Iye yẹn ni onílẹ̀ á gbé lọ sílé, òun ni wọ́n á fi gbèrò àjọ, òun ni wọ́n á fi tọrọ owó kóópù níbi iṣẹ́. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, iye náà á ti dòfo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, owó àpò sìmẹ́ǹtì kan fò sókè lójijì, ó sì kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú nígbà tó di oṣù kejì. Ó le débi pé Mínísítà Iṣẹ́ Òde, David Umahi, pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jọ l'Ábújá, wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Ẹni tó ti kọ iye owó ilé rẹ̀ sínú ìwé ṣáájú oṣù yẹn ní láti fa gbogbo rẹ̀ ya.

Ẹni tó kọ iye búlọ́ọ̀kù àti iye àpò sílẹ̀ kò ní láti fa nǹkan kan ya. Owó ló ń yí padà, ilé kì í yí. Ògiri tó bá gba búlọ́ọ̀kù 100 lónìí á gba 100 lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi bíríkìlà kì í ṣe "èló", bí kò ṣe "mélòó". Ẹni tó bá mọ mélòó lè lọ sọ́jà nígbàkigbà láti béèrè èló, á sì ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan, ká kà á láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ilé náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 33 láti ọ̀tún dé òsì, ó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 30 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa, ó le, ó sì tẹ́jú, irú èyí tí a ń rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn. Ògiri kan gba àárín ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní apá òsì ògiri yìí, pálọ̀ wà níwájú, ilé ìdáná àti ibi ìjẹun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, yàrá kan wà níwájú, yàrá kejì wà lẹ́yìn, balùwẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí báráńdà, kò sí ọ̀wọ̀n, kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé kékeré tó mọ́gbọ́n dání ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí a nílò ni gígùn gbogbo ògiri pọ̀. A ó fi téèpù wọ̀n ọ́n lórí àwòrán ilé, tàbí lórí okùn tí wọ́n ti ta sílẹ̀. Ògiri ìta jẹ́ 33 lẹ́ẹ̀mejì àti 30 lẹ́ẹ̀mejì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 126. Ní inú ilé, ògiri àárín jẹ́ 30. Ògiri méjì tó ya àwọn yàrá kúrò lára balùwẹ̀ jẹ́ 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ya balùwẹ̀ kúrò lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ 6, èyí tó ya pálọ̀ kúrò lára ẹ̀yìn ilé jẹ́ 18, èyí tó wà láàárín ilé ìdáná àti ibi ìjẹun sì jẹ́ 12. Ògiri inú jẹ́ 96 nìyẹn. Ti inú àti ti ìta pọ̀, ó di ẹsẹ̀ bàtà 222. Nọ́ńbà 222 yìí ni gbogbo ìṣirò tó kù rọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íǹṣì 18, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀. Tí a bá pín 222 sí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, a ó rí 148. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá to búlọ́ọ̀kù yí gbogbo ilé náà ká, inú àti ìta, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 148 ló máa lọ. Ìlà kan bẹ́ẹ̀ ni àwọn bíríkìlà ń pè ní kóòsì. Lóòótọ́, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi sáàárín búlọ́ọ̀kù méjì ń gba nǹkan bí íǹṣì kan, iye tó máa lọ gan-an sì máa dín díẹ̀ sí 148. Ẹ má yọ ọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ló máa dí àlàfo àwọn búlọ́ọ̀kù tó bá fọ́ nínú ọkọ̀ àti àwọn tí wọ́n máa gé sí méjì nígun ilé.

Láti ibí yìí, iṣẹ́ tó kù ni pé kí a mọ iye kóòsì. Lábẹ́ ilẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, a da kọ̀nkéré tó nípọn ní íǹṣì 9 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wá ku ẹsẹ̀ bàtà méjì àti díẹ̀ kí ògiri tó yọ sókè ilẹ̀, ó sì tún yẹ kí ó ga ju ilẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan kí omi òjò má baà wọlé. Kóòsì kan pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ní íǹṣì 10, nítorí náà kóòsì 4 ló máa gbé wa dé ibi tí a fẹ́. Kóòsì 4 lọ́nà 148 jẹ́ búlọ́ọ̀kù 592, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ oní-íǹṣì 9, títí kan abẹ́ ògiri inú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń yí nìyí. Tí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí apá kan ilé fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta relẹ̀ ju apá kejì lọ, kóòsì 4 lè di 7 tàbí 8 ní apá ibi tó relẹ̀. Ojú lásán kì í rí i dáadáa, pàápàá tí koríko bá bo ilẹ̀. Kí ẹ tó ka nǹkan kan, ẹ ní kí bíríkìlà fi rọ́bà tí omi kún inú rẹ̀ wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì fi ẹ̀kàn sàmì sí ibi tí ojú ilẹ̀ ilé máa dé. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀kàn kan ga tó ènìyàn nígbà tí èkejì kò kọjá orókùn, ẹ mọ̀ pé ìṣirò ìpìlẹ̀ máa pọ̀ ju èyí tí mò ń ṣe yìí lọ dáadáa.

Lókè ilẹ̀, kóòsì 9 ló máa ń gbé ògiri dé ibi líńtẹ̀lì, lẹ́yìn líńtẹ̀lì a tún to kóòsì 2 kí ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Àpapọ̀ jẹ́ 11. A ó fi búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9 ṣe ògiri ìta, oní-íǹṣì 6 sì tó fún ti inú. Ìta nìkan jẹ́ 84 fún kóòsì kan, lọ́nà 11 ó di 924. Inú jẹ́ 64 fún kóòsì kan, lọ́nà 11 ó di 704. A wá yọ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Fèrèsé oní-ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin gba ààyè búlọ́ọ̀kù 13, ẹnu ọ̀nà kan sì gba ààyè 17. Ilé yìí ní fèrèsé ńlá 8, fèrèsé kékeré 1 ní balùwẹ̀, ilẹ̀kùn ìta 2, àti ẹnu ọ̀nà inú 6. Lẹ́yìn tí a bá yọ gbogbo wọn, ìta ku 783, inú ku 602.

Nítorí náà oní-íǹṣì 9 jẹ́ 1,375 pẹ̀lú ti ìpìlẹ̀, oní-íǹṣì 6 sì jẹ́ 602. Ẹ kọ 1,400 àti 620 sínú ìwé. Ilé náà ń gba nǹkan bí 2,000 búlọ́ọ̀kù. Tí òrùlé bá máa ṣán sí iwájú àti ẹ̀yìn nìkan, tí ẹ sì fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù dí igun òkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi nǹkan bí 180 kún un. Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù lọ nìyẹn, nítorí pé kò sí nínú kóòsì kankan.

Iye búlọ́ọ̀kù kò ní ìtumọ̀ tí búlọ́ọ̀kù náà kò bá dára. Àpò sìmẹ́ǹtì kan yẹ kó mú nǹkan bí 30 sí 35 jáde nínú oní-íǹṣì 9. Ẹni tó bá ń mú 50 jáde láti inú àpò kan ń ta yanrìn fún yín ni. Ẹ mú ọ̀kan gbẹ nínú èyí tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jù ú sílẹ̀ láti ibi orókùn. Tí ó bá túká di yanrìn, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ. Ẹ tún fi ìka ha etí rẹ̀. Èyí tí a fi omi rin dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan kì í dà wuuruwu lọ́wọ́.

Ó wá kan sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ gan-an ni mo ní ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ojú ògiri díwọ̀n sìmẹ́ǹtì, nítorí ògiri ni wọ́n ń rí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé iṣẹ́ náà bí ó ṣe ń lọ.

Kọ̀nkéré ìsàlẹ̀ kòtò fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì mẹ́ta, ó nípọn ní íǹṣì 9, ó sì gùn ní 222. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, ó máa kún àpótí 10 àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Àpótí kan bẹ́ẹ̀ ń jẹ àpò mẹ́rin àtààbọ̀ tí a bá po sìmẹ́ǹtì kan mọ́ yanrìn mẹ́ta àti gíráníìtì mẹ́fà. Àpò 48 lọ síbẹ̀. Títo kóòsì 4 ìpìlẹ̀ jẹ àpò 12, nítorí àpò kan ń to nǹkan bí 50 búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9. Lẹ́yìn náà, a ó di ihò inú búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ pẹ̀lú kọ̀nkéré kí ìpìlẹ̀ lè le, ihò 592 búlọ́ọ̀kù yẹn sì gbé àpò 22 mì. Iṣẹ́ dídí ihò yìí kì í sí nínú ìṣirò àwọn tó ń fẹnu dá iye, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni a ó da jámánì fúlọ́ọ̀, ìyẹn kọ̀nkéré ilẹ̀ ilé, sórí gbogbo 33 sí 30 náà, ní íǹṣì 6. Ìyẹn jẹ àpótí 14, ó sì gba àpò 63.

Ẹ ro ó pọ̀: 48, 12, 22 àti 63 jẹ́ 145. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì to búlọ́ọ̀kù kan lókè ilẹ̀.

Ní òkè, títo ògiri ìta àti inú ń jẹ àpò 24, nítorí oní-íǹṣì 6 kò ní ìnáwó tó bẹ́ẹ̀, àpò kan ń to nǹkan bí 75 nínú rẹ̀. Líńtẹ̀lì tó yí gbogbo ògiri ká ń gba àpò 20, torí pé àpòpọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára, ìyẹn sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn méjì sí gíráníìtì mẹ́rin. Irin mẹ́rin ló máa gba inú rẹ̀ kọjá. Gígùn 222 lọ́nà mẹ́rin, tí irin kan sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 39, ń béèrè irin onímìlímítà 12 bíi 25 pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti máa so pọ̀, àti irin onímìlímítà 8 bíi 22 fún òrùka tó di wọ́n mú. Rírẹ́ ògiri, inú àti ìta, jẹ́ nǹkan bí mítà 357 ní ìbú àti gígùn lẹ́yìn tí a bá ti yọ ojú fèrèsé, àpò kan sì ń rẹ́ mítà 10 lé díẹ̀, nítorí náà ẹ fi àpò 35 sílẹ̀ fún un. Títẹ́ ilẹ̀ ilé kí ó dán gba 22.

Gbogbo àpò náà jẹ́ 246. Nínú rẹ̀, 145 ti lọ sí abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìyẹn ju ìdajì lọ dáadáa. Ohun tó fa ọ̀pọ̀ ìpìlẹ̀ tí koríko bò káàkiri Ọ̀tà, Ìkòròdú àti ọ̀nà Ìbàdàn nìyí. Kì í ṣe gbogbo àwọn onílé yẹn ni òkùnrùn tàbí àjálù bá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pín owó wọn bí ẹni pé ìpìlẹ̀ jẹ́ ìdá kékeré nínú ilé, nítorí pé kóòsì 4 kéré lójú ju kóòsì 11 lọ. Lórí búlọ́ọ̀kù, òótọ́ ni pé ìpìlẹ̀ kò kọjá ìdá mẹ́ta. Lórí sìmẹ́ǹtì, òun ni ọ̀gá.

Yanrìn àti gíráníìtì rọrùn lẹ́yìn èyí, nítorí sìmẹ́ǹtì tí a kà ló ń sọ iye wọn. Bárò lẹ́bìrà ni ìwọ̀n wa. Bárò kan tó kún gba nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan. Nítorí náà, níbi títo búlọ́ọ̀kù àti rírẹ́ ògiri, àpò 1 ń mu bárò yanrìn 3. Níbi kọ̀nkéré ìpìlẹ̀ àti jámánì fúlọ́ọ̀, àpò 1 ń mu bárò yanrìn kan àtààbọ̀ àti bárò gíráníìtì 3. Níbi líńtẹ̀lì, àpò 1 ń mu bárò yanrìn 1 àti gíráníìtì 2. Títẹ́ ilẹ̀ ń mu bárò yanrìn 2. Ẹ fi àwọn àpò tí a ti kà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé yanrìn jẹ́ nǹkan bíi bárò 480, gíráníìtì sì jẹ́ bárò 440. Típà tó gbé tọ́ọ̀nù 20 yanrìn ń kó nǹkan bíi bárò 185, nítorí náà típà mẹ́ta ló máa tó yanrìn wa. Ní ti gíráníìtì, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 43 ni tirẹ̀, ẹ kọ 45.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ típà. Ẹni tó ń ta yanrìn á sọ pé "tírípù kan", ṣùgbọ́n tírípù kì í ṣe ìwọ̀n. Típà kékeré wà, típà ńlá wà, àwọn kan sì ti fi igi gbé ilẹ̀ inú típà wọn sókè tí ẹ kò ní mọ̀. Ẹ gun orí rẹ̀ kí wọ́n tó dà á sílẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n gígùn, ìbú àti jíjìn rẹ̀. Èyí tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní mítà méjì, tí yanrìn inú rẹ̀ sì jìn ní mítà kan àtààbọ̀ jẹ́ àpótí 12, ìyẹn ni mo pè ní típà tọ́ọ̀nù 20. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ wo irú yanrìn. Kọ̀nkéré fẹ́ yanrìn odò tó ní kókó, tí a bá fọwọ́ fún un tó ń ha ọwọ́. Tí omi tí a fi fọ̀ ọ́ bá di ẹrẹ̀ pupa, amọ̀ wà nínú rẹ̀, kọ̀nkéré rẹ̀ kò ní le. Yanrìn tó kúnná ni ti rírẹ́ ògiri.

Ilẹ̀ tí a ó fi kún inú ìpìlẹ̀ kí a tó da jámánì fúlọ́ọ̀ kò ní náni lówó púpọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú bí tiwa yìí. Èyí tí a hú jáde nínú kòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Lórí ilẹ̀ àbàtà tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀ràn mìíràn ni, típà mẹ́wàá lè wọlé kí ó má tíì kún.

Òrùlé. Páànù máa yọ jáde kọjá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ohun tí a ń bò jẹ́ 37 sí 34. Bí òrùlé bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan fún ẹsẹ̀ bàtà méjì tó bá lọ síwájú, ojú rẹ̀ máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ju ojú ilẹ̀ lọ. A ó rí mítà 131 ní ìbú àti gígùn, a ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún gígé àti ìkọjá orí ara wọn, ó di 144. Mítà yìí ni àwọn tó ń ta àlùmíníọ̀mù gígùn fi ń dá owó. Ẹ béèrè bó ṣe nípọn tó, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Èyí tó jẹ́ 0.55 mìlímítà àti èyí tó jẹ́ 0.45 jọra lójú, afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn àti ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló máa fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Fún igi, ẹ má gba "igi á tó báyìí" lẹ́nu káfíńtà. Ẹ ní kó ya igun òrùlé kan sílẹ̀. Nínú ilé wa, igun 10 ló máa wà, mẹ́rin-mẹ́rin ẹsẹ̀ bàtà síra wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba igi 2 sí 4 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12: mẹ́ta fún èyí tó dùbúlẹ̀, mẹ́rin fún apá méjèèjì, méjì fún àwọn òpó àárín. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ 90. Igi 2 sí 3 tí a ń kan páànù mọ́ wà ní ìlà 12, ìlà kan gba igi 4, ó jẹ́ 48. Igi tí a tẹ́ sórí ògiri jẹ́ nǹkan bí 13. Àwọn igi sílì kò sí nínú rẹ̀.

Owó iṣẹ́ máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn nítorí wọ́n rò pé ó jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ kàn ń fà láti inú afẹ́fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti àpò tí a ti kà náà ni owó iṣẹ́ dúró lé. Bíríkìlà ń gba owó lórí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan tó bá tò, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa: 1,377 búlọ́ọ̀kù lókè ilẹ̀ tí a bá fi 8 dín sí 1,385 torí gígé, àti 592 nísàlẹ̀. Àwọn tó ń po kọ̀nkéré máa ń dá owó lórí iye àpò tí wọ́n bá pò, tiwa jẹ́ 153. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ sanwó dípò èyí, bíríkìlà kan tó mọ iṣẹ́ ń to nǹkan bí 100 búlọ́ọ̀kù lóòjọ́ pẹ̀lú lẹ́bìrà tó ń gbé e fún un, nítorí náà iṣẹ́ títò wa kò yẹ kó kọjá 20 ọjọ́ bíríkìlà kan, tàbí 10 ọjọ́ àwọn méjì. Èmi fara mọ́ ìsanwó lórí búlọ́ọ̀kù níbi títò, àti ìsanwó ọjọ́ níbi líńtẹ̀lì, nítorí ẹni tó bá ń sáré ka búlọ́ọ̀kù lórí irin máa fi irin náà ṣeré.

Ìṣirò yìí tún ń ṣọ́ iṣẹ́ fún yín. Tí bíríkìlà bá to 100 búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9 lónìí, àpò 2 ló yẹ kó lọ. Tí mẹ́rin bá ti lọ, ẹ béèrè ibi tí méjì yòókù wà. Tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ má yọ̀, wọ́n ti fi yanrìn to ilé yín. Àpò òfìfo ni kí ẹ máa kà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa kó wọn pamọ́.

Nísinsìnyí ni a ó wá lọ sọ́jà. Ká ní àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ ₦10,000 lọ́jọ́ tí ẹ béèrè, 246 jẹ́ ₦2,460,000. Tí ó bá fi ₦1,000 gbówó lórí, ẹ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ₦246,000 ló wọlé lórí ilé yín, láìpe bíríkìlà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún búlọ́ọ̀kù 2,000, típà yanrìn 3, tọ́ọ̀nù gíráníìtì 45, irin 47, igi 151 àti mítà páànù 144, kí ẹ tó kan owó iṣẹ́. Lórí àpapọ̀ náà, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún ohun tí ojú kò rí. Ẹ sì rántí pé ilẹ̀kùn, fèrèsé, wáyà iná, páìpù omi, sílì, ọ̀dà àti kòtò ìgbẹ́ kò sí nínú ohun tí a kà.

Ẹ má ra sìmẹ́ǹtì 246 lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ẹ̀rù owó tó ń gòkè. Bí ó bá pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ níbi tí atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Búlọ́ọ̀kù, gíráníìtì àti irin ni ẹ lè rà sílẹ̀. Bí owó yín kò bá tíì tó àpò 145 ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù 592 àti gíráníìtì rẹ̀, ẹ má gbẹ́ kòtò kankan. Ẹ máa kó búlọ́ọ̀kù jọ ná. Òjò kan ṣoṣo tó bá wọ kòtò tó wà ní ṣíṣí máa wó etí rẹ̀ sínú, ẹ ó sì san owó gbígbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí jámánì fúlọ́ọ̀ sì ti dúró kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.